Pupa tó di ẹlòmíì mọ́ mi lójú: oṣù mẹ́jọ mi lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ìtọpa ẹrù kan

Ẹrù 412 ni mo dá dúró ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kò sì sí ohun tó ṣe ẹyọ kan nínú wọn. Àwọ̀ pupa ló tì mí débẹ̀. N kì í kọ àgbéyẹ̀wò tẹ́lẹ̀ o. Ọjà tó bá dára, mo máa ń lò ó ni; èyí tí kò bá dára, mo máa ń pa á tì. Ṣùgbọ́n èyí ò ṣeé dákẹ́ sí.

Ẹ má retí pé màá to gbogbo ohun tí dáṣíbọ́ọ̀dù yìí lè ṣe síbí. Ó ń ka dátà, ó ń ya ṣáàtì, ó ń fi ímeèlì ránṣẹ́, bíi ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣọ́ ibi tí ẹrù àwọn oníbàárà dé, kí n sì tètè pariwo bí nǹkan bá fẹ́ wọ́. Fún odidi oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń yin nǹkan yìí fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè.

Lójú ewé àkọ́kọ́, pupa ni ẹrù tí a gbé lọ tí kò dọ́wọ́ oníbàárà, èyí tí wọ́n ń pè ní `failed`. Àwọ̀ ewé ni èyí tó ti dé, `delivered`. Lójú ewé kejì, tó ń to ipò gbogbo ẹrù léra wọn nínú ọ̀pá kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń bá a lójoojúmọ́. Ó ti mọ́ mi lójú débi pé n kì í ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ṣáàtì mọ́. Ohun tí èèyàn bá ń wò lógún ìgbà lóòjọ́, ojú lásán ló fi ń gbá a kọjá.

Mo ṣí ojú ewé kejì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn láti wo ohun tó wọlé láti ọjọ́ Sátidé. Pupa gba ìdajì ọ̀pá náà, ó tún lé díẹ̀. Àwọ̀ ewé kéré bí ìlà, 23 péré. Àyà mi já. Ẹrù 412 tí kò dọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, 23 tó dé! Mo tún rí búlúù 64, tí mo mọ̀ sí àwọn tó fagi lé ẹrù wọn. Mo ní ọjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Mo pe olórí àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n bá wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe sùúrù ná. Àwọn ọmọ wa wà lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó pè mí pé wàhálà wà." Mo dá a lóhùn pé kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń tì mí lójú títí dòní.

Ó kù díẹ̀ kó pé wákàtí méjì tí àwọn ọkọ̀ fi dúró. Ìgbà tí ọ̀gá wa dé, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n gbé atọ́ka sórí pupa náà, wọ́n sì dúró kí ìkọ̀wé kékeré yọ: `in_transit: 412`. Wọ́n gbé e sórí àwọ̀ ewé: `failed: 23`. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní, "Àwọn tó wà lójú ọ̀nà lẹ dá dúró. Àwọn tí wọn ò rí gbà gan-an ló wà nínú àwọ̀ ewé yẹn." Wọn ò pariwo. Ó sàn kí wọ́n pariwo.

Inú bí mi débi pé n kò jẹun ọ̀sán kí n tó kọ̀wé sí àwọn tó ni dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ní àwọ̀ ṣáàtì wà fún ẹwà, pé mo lè yí i padà nígbàkigbà tó bá wù mí. Mo ní kì í ṣe ẹwà ni mò ń wí, pé pupa jẹ́ nǹkan kan lánàá, ó sì jẹ́ nǹkan mìíràn lónìí, lójú ewé kan náà. Ó fi ìlànà kan ránṣẹ́ sí mi. Mo kà á, kò kàn mí. Mo tún ọ̀rọ̀ sọ, ó tún fi ìlànà yẹn gan-an ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n pa ohun tí kọ̀ǹpútà mi tọ́jú rẹ́, kí n tún wọlé. Mo ṣe é, bí òmùgọ̀. Nígbà tí màá fi padà dé, wọ́n ti kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi pé wọ́n ti yanjú rẹ̀. Ká ní ọjọ́ yẹn ni mo kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni, ẹ̀ bá rí èébú.

Lọ́jọ́ kejì ni obìnrin kan pè mí lórí fóònù láti ọ̀dọ̀ wọn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí yà mí lẹ́nu: "Sà, ẹ bá mi wò ó, ṣé ẹnikẹ́ni fagi lé ẹrù láti ọjọ́ Sátidé sí àárọ̀ ọjọ́ Ajé?" Mo wò ó. Kò sí ẹyọ kan. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, sà."

Bó ṣe là á yé mi rèé. Ṣáàtì ojú ewé kejì kò mọ ohun tí `failed` jẹ́ rárá. Àwọ̀ kan wà tí wọ́n tò sílẹ̀: búlúù, ọsàn, ewé, pupa, àlùkò, buráùn. Ó ń to orúkọ ipò ẹrù bí lẹ́tà wọn ṣe tẹ̀ léra, ó sì ń pín àwọ̀ fún wọn bí wọ́n ṣe jókòó. Lójúmọ́ tí gbogbo wọn bá pé, `cancelled` ló máa ń mú búlúù, `collected` mú ọsàn, `delivered` mú ewé, `failed` mú pupa. Ẹ ò rí i? Àwọ̀ ewé bọ́ sọ́wọ́ èyí tó dé, pupa bọ́ sọ́wọ́ èyí tí kò dé, kò sì sẹ́ni tó pinnu ẹ̀. Oríire lásán ni mo gbára lé fún oṣù mẹ́jọ.

Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó fagi lé ẹrù. Dátà ò mú `cancelled` wá rárá, kódà kò mú òdo wá. Àga àkọ́kọ́ ṣófo, gbogbo wọn bá sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. `collected` gba búlúù, òun ni 64 tí mo pè ní ìfagilé. `delivered` gba ọsàn, 310 ni, mo sì rò pé àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ oníbàárà ni. `failed` wọ aṣọ ewé, `in_transit` wọ pupa. `returned`, 11 péré, gba àlùkò. Irọ́ márùn-ún nínú ọ̀pá kan, gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ sì pé.

Mo bi í pé kí ni ká ṣe. Ó ní kí a má fi àga pín àwọ̀ mọ́, orúkọ ni ká fi pín in. A jọ kọ ọ́ lórí fóònù, ó ń ka nọ́ńbà àwọ̀ fún mi, mò ń tẹ̀ ẹ́:

```json
{
  "collected":  "#1f77b4",
  "in_transit": "#9467bd",
  "delivered":  "#2ca02c",
  "failed":     "#d62728",
  "returned":   "#ff7f0e",
  "cancelled":  "#8c564b",
  "*":          "#7f7f7f"
}
```

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tí kò bá ní orúkọ nínú ìwé yìí, eérú ni kó gbà, kó má lọ jí àwọ̀ ẹlòmíì. Kí a tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí n máa yọ ipò kọ̀ọ̀kan kúrò pẹ̀lú fílítà, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí n wo àwọn tó kù bóyá èyíkéyìí á pa aṣọ dà. Mo yọ wọ́n ní ìgbà mẹ́fà. Kò sí èyí tó mira. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ kí inú àgbàlagbà dùn nítorí àwọ̀. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ló fi dúró tì mí, kò sì fìgbà kan sọ pé kí n ka ìlànà.

Ojú mi wá là. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ojú ewé yòókù bí ẹni tó ń wá eku nínú ilé. Lójú ewé àwọn ilé ìkẹ́rùsí, àwọ̀ tí wọ́n tò yẹn náà ni wọ́n fi pín ilé márùn-ún, pupa sì bọ́ sọ́wọ́ ìkẹrin. Mo rántí iye ìgbà tí a ti bú àwọn ará ibẹ̀ nípàdé láìsí pé a ka nọ́ńbà wọn. Èmi gan-an fẹ́ wá àwọ̀ márùn-ún mìíràn fún wọn, ọ̀gá wa ló bi mí pé kí ni wọ́n fẹ́ fi àwọ̀ ṣe, ṣebí orúkọ wọn wà lábẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni. A kun gbogbo wọn ní àwọ̀ kan ṣoṣo tí kò sí nínú ìwé wa. Lójú ewé ìnáwó, epo ọkọ̀ gbówó lórí, ọfà ewé ń tọ́ka sókè bí ẹni pé oríire ni, nítorí ohun tó bá ti lọ sókè, ewé ni wọ́n ń fún un. Bọ́tìnnì kan wà tó ń yí ìyẹn padà, `Lower is better`, ó fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ibẹ̀ ni inú ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ìwé àwọ̀ tí a kọ yẹn kì í rìn. Ojú ewé mọ́kànlá ni a ní, mo sì ní láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìkọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ojú ewé tuntun, ètò àga ni yóò tún bá níbẹ̀. Mo pe obìnrin yẹn padà. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú pé ibi tí èèyàn ti lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ojú ewé wà, àmọ́ àwọn tó ń san owó ńlá nìkan ni wọ́n ṣí i fún. Kí pupa máa jẹ́ pupa, a á tún sanwó ẹ̀ lọ́tọ̀? Mi ò bá a jà, kì í ṣe òun ló fowó lé e.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń gbé àwọn ojú ewé náà jáde sínú fáìlì, màá wá tẹ èyí láti wá ibi tí nọ́ńbà pupa wà:

```
grep -n "d62728" *.json
```

Gbogbo ìlà tó bá jáde gbọ́dọ̀ ní `failed` nínú. Èyí tí kò bá ní in, a ti rí olè nìyẹn. Mo ti mú méjì báyìí, ojú ewé tí akẹgbẹ́ mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni méjèèjì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, eérú yọ nínú ọ̀pá wa fún ìgbà àkọ́kọ́, 17. Àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ló ń kọ `Failed` pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, dáṣíbọ́ọ̀dù sì kà á sí àlejò. Láyé àtijọ́, aṣọ ẹlòmíì ni ì bá wọ̀ wọlé, a ò ní mọ̀. A tún un ṣe níbi tí dátà ti ń wọlé, eérú sì pòórá.

Máàkì: 4 nínú 5. Mo ti sanwó ọdún tó ń bọ̀.