47 ti Ìlú Ọba àti 30 ti Amẹ́ríkà: èwo ló ń mu epo jù nínú ọkọ̀ méjèèjì?

Ẹni tó bá ń wá tòkunbọ̀ rà ní Ìlọrin, bó bá ti béèrè iye owó ọkọ̀ tán, ohun tó kàn ni "ṣé kì í mu epo?" Ẹni tó ń tà á á yọ fóònù, á tẹ orúkọ ọkọ̀ náà, á sì na nọ́ńbà kan sí i lójú. Nọ́ńbà yẹn lè ti Amẹ́ríkà wá, ó lè ti Ìlú Ọba tàbí Jámánì wá. Òṣùwọ̀n wọn ò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà dán ọkọ̀ wò yàtọ̀ síra.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ méjì ṣe àpẹẹrẹ, ká gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àkọ́kọ́ jẹ́ mọ́tò kékeré ọdún 2015 tó ti Amẹ́ríkà wọlé, tí wọ́n kọ 30 mpg sí. Ìkejì, ọdún 2015 náà ni, Bẹ́ljíọ̀mù ló ti wá, ó gba Kùtọnu wọlé, ẹni tó ń tà á sì fi 47 mpg hàn yín lórí fóònù. Ojú ewé àwọn ará Ìlú Ọba ni 47 yẹn ti wá. Ọkọ̀ Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ kò sí níwájú yín o, torí ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì tiwọn wà. Àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi ń wá nǹkan lórí fóònù, àwọn ni wọ́n sì máa ń kọ̀wé jù ní èdè náà lórí ọkọ̀ Yúróòpù.

Gálọ́ọ̀nù ta ni?

Ohun tí mpg ń sọ ni iye máìlì tí ọkọ̀ máa fi gálọ́ọ̀nù epo kan rìn, nítorí náà nọ́ńbà tó bá pọ̀ ló dára. L/100km ń sọ iye lítà tí ọkọ̀ máa mu kó tó rin kìlómítà 100, nítorí náà èyí tó bá kéré ló dára. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti Ìlú Ọba jẹ́ lítà 4.546. Ti Ìlú Ọba fi ìdá márùn-ún kan tóbi ju ti Amẹ́ríkà lọ, ọkọ̀ kan náà á sì fi bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó ń rìn jìnnà sí i nínú ìwé tiwọn láìṣe pé nǹkan kan yí padà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. (Gálọ́ọ̀nù ọ́ílì tí mẹkáníìkì ń rà, tó jẹ́ lítà 4 gééré, kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹ má fi ṣírò.)

Bí ẹ ṣe máa sọ wọ́n di lítà nìyí:

```
L/100km = 235.2 ÷ mpg (Amẹ́ríkà)
L/100km = 282.5 ÷ mpg (Ìlú Ọba)
```

Ọkọ̀ Amẹ́ríkà wa, 235.2 tí a fi 30 pín, jẹ́ lítà 7.8. Ọkọ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, 282.5 tí a fi 47 pín, jẹ́ lítà 6.0. Ẹni tó bá ṣèèṣì fi òfin Amẹ́ríkà ṣírò 47 máa rí lítà 5.0, inú rẹ̀ á sì dùn lórí òfo. Tó bá ń rin kìlómítà 1,200 lóṣù, á máa rò pé òun fi lítà 34 pamọ́ lóṣooṣù lórí ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Tí a bá fi lítà kan sí náírà 1,000 kí ìṣirò lè rọrùn, náírà 34,000 nìyẹn, owó tí kò ní rí lápò rẹ̀ láéláé.

Ohun mìíràn wà nínú mpg tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tó fi jíìpù 15 mpg ti Amẹ́ríkà sílẹ̀, tó gba ti 20, á rò pé márùn-ún péré lòun jèrè. Ẹni tó kúrò nínú mọ́tò 30 bọ́ sínú ti 40 á rò pé òun jèrè mẹ́wàá. Ẹ sọ ọ́ di lítà, ẹ wò ó. Jíìpù kúrò ní lítà 15.7 bọ́ sí 11.8, mọ́tò kékeré kúrò ní 7.8 bọ́ sí 5.9. Lórí kìlómítà 1,200 lóṣù, oní-jíìpù fi lítà 47 pamọ́, onímọ́tò kékeré kò ju bíi lítà 24 lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ènìyàn sọ gbogbo rẹ̀ di L/100km kó tó fi ọkọ̀ méjì wéra. Lítà la ń sanwó fún nílé epo, a kì í ra máìlì.

Ìdánwò tó bí nọ́ńbà náà

Lítà 6.0 pẹ̀lú lítà 7.8: ó ṣì dà bíi pé ọkọ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ló borí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyí.

Kò sí ìkankan nínú nọ́ńbà méjèèjì tí wọ́n rí lójú títì. Inú yàrá ìdánwò ni wọ́n ti gbé ọkọ̀ gun róólà, tí táyà ń yí tí ọkọ̀ kò kúrò lójú kan, tí awakọ̀ ń tẹ̀ lé eré tí wọ́n là sílẹ̀ fún un. Wọn kì í tilẹ̀ wọn epo inú táńkì. Èéfín tó ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà ni wọ́n ń gbà, wọ́n á wo iye kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi ìyẹn ṣírò epo tó jóná.

Ìdánwò tí Yúróòpù ń lò lọ́dún 2015 ni wọ́n ń pè ní NEDC. Ogún ìṣẹ́jú ló ń gbà, ọkọ̀ á rin bíi kìlómítà 11, ìpíndọ́gba eré rẹ̀ kò sì ju bíi kìlómítà 34 ní wákàtí kan lọ. Wọn kì í tan éésì. Ọkọ̀ ń gbéra wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti ẹni tó kó páálí ẹyin sí bọ́ọ̀tù. Nígbà tí ICCT, àjọ aládàáni kan tó ń ṣèwádìí lórí epo àti èéfín ọkọ̀, fi nọ́ńbà NEDC wé epo tí àwọn awakọ̀ Yúróòpù ń rà gan-an, ohun tí wọ́n rí ni pé nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ojúlówó fi ju ti ìwé lọ fún ọkọ̀ ọdún 2001, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọdún 2015, ó ti tó nǹkan bí ìdá 40. Kì í ṣe pé àwọn awakọ̀ ya wèrè. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti mọ ìdánwò náà tán, wọ́n sì ń ṣe ọkọ̀ tó máa yege nínú rẹ̀.

Amẹ́ríkà ti ṣàtúnṣe tiwọn ṣáájú. Láti orí ọkọ̀ ọdún 2008 ni EPA, àjọ ìjọba wọn tó ń bójú tó àyíká, ti ń fi ìdánwò márùn-ún gbé nọ́ńbà jáde: ti ìgboro, ti ọ̀nà jíjìn, ti eré tó tó máìlì 80 ní wákàtí kan, ti òtútù líle, àti ti éésì nínú ooru tó tó 35°C. Ooru yẹn, ẹni tó bá ti wà ní Ìlọrin nínú oṣù Kẹta mọ̀ ọ́n dáadáa. Nọ́ńbà ìgboro fi nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ lọ́dún náà, ti ọ̀nà jíjìn fi nǹkan bí ìdá 8. Nítorí náà, tí ẹ bá ń wo mọ́tò Amẹ́ríkà tó ti dàgbà, bíi ti ọdún 2005, ẹ béèrè bóyá nọ́ńbà àtijọ́ ni wọ́n fi hàn yín tàbí èyí tí EPA tún ṣe. Àwọn méjèèjì ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kánádà, tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá, kò bọ́ sórí ìdánwò márùn-ún yẹn títí di ọkọ̀ ọdún 2015. Ọkọ̀ kan náà lè dára nínú ìwé Kánádà ti ọdún 2013 ju nínú ti Amẹ́ríkà lọ.

Ẹ wá gbé ìdá 40 yẹn lé lítà 6.0, ó di 8.4. Bí ọkọ̀ méjèèjì ṣe rí nìyí:

| | Ti Amẹ́ríkà | Ti Bẹ́ljíọ̀mù |
|---|---|---|
| Ohun tí wọ́n fi hàn yín | 30 mpg | 47 mpg |
| Ó di L/100km | 7.8 | 6.0 |
| Lẹ́yìn tí a yọ ẹ̀tàn ìdánwò | bíi 7.8 | bíi 8.4 |

Ìpíndọ́gba ni ìdá 40 o. Tó bá jẹ́ ìdá 25 ni ti ọkọ̀ yìí, á di lítà 7.5, tó bá jẹ́ ìdá 50, á di 9.0. Ní tèmi, ọ̀mì ni wọ́n ta. Mi ò ní fi náírà kan kún owó ọkọ̀ Bẹ́ljíọ̀mù nítorí 47 yẹn. Tó bá jẹ́ pé oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 sókè ni wọ́n tà á ní tuntun ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀ díẹ̀, torí ìdánwò WLTP ti rọ́pò NEDC. Ó gùn ju tàtijọ́ lọ, ó sì ń sáré dé kìlómítà 131 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n wọn ò tan éésì níbẹ̀ náà.

Nígbà tó bá dé ọwọ́ yín

Ẹ kún táńkì dé ibi tí ẹnu ẹ̀rọ epo bá ti kọ́kọ́ já fúnra rẹ̀, kí ẹ má fi kún un mọ́. Ẹ dá òǹkà ìrìn padà sí òdo, ẹ máa lo ọkọ̀ bí ẹ ṣe ń lò ó, lẹ́yìn náà ẹ padà sí ilé epo kan náà, sí ẹ̀rọ kan náà, kí ẹ kún un bákan náà. Ilé epo tí mítà rẹ̀ ń jalè á mú kí ọkọ̀ yín dà bí ọ̀mùtí. Ìdí nìyí tí a kì í fi pààrọ̀ ẹ̀rọ láàárín.

Ká ní òǹkà wà ní 180, tí epo tó wọlé sì jẹ́ lítà 28. Ẹ rántí pé máìlì ni òǹkà ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà! Máìlì 180 ní ìlọ́po 1.609 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 290. Lítà 28 tí a fi 290 pín, ní ìlọ́po 100, jẹ́ lítà 9.7. Ẹni tó bá gbàgbé tó fi 180 pín in máa rí 15.6, á sì gbà pé jíìpù ni wọ́n tà fún òun.

Lítà 9.7 fún ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ sọ 7.8 kò burú fún ẹni tó ń lọ láti Táńkẹ̀ sí Pósì Ọ́físì lójoojúmọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí éésì ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá gbé e gba Àjàsẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, ó yẹ kó sún mọ́ ti ìwé tàbí kó tilẹ̀ dín sí i. Tó bá jẹ́ pé ní ọ̀nà jíjìn yẹn náà ló ti ń mu 10 tàbí 11, ọkọ̀ ló ní àrùn. Ẹ kọ́kọ́ fọn táyà bó ṣe yẹ, ẹ fọwọ́ kan wíìlì lẹ́yìn ìrìn kó lè hàn bóyá bíréèkì ń di ọ̀kan mú, torí èyí tó bá ń dì í mú á gbóná ju àwọn yòókù lọ.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni tẹmosítáàtì tí mẹkáníìkì ti yọ dànù kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná. Ẹ́ńjìnnì kì í wá móoru tó mọ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa rò pé àárọ̀ ni ó wà, á sì máa fún epo ní àfikún. Abẹ́rẹ́ ooru tó wà níwájú awakọ̀ ló máa tú àṣírí: á máa wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sáré lójú ọ̀nà Àjàsẹ́, á tún gòkè nígbà tí ọkọ̀ bá dúró nínú hólùdọ́ọ̀pù. Ẹ lè rí èyí nígbà tí ẹ bá ń tẹ́ẹ̀sì ọkọ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ sì lè fi já owó rẹ̀ wálẹ̀.