Ráútà tí mo rà: ìgbà tí mo dín in kù ló tó gbádùn mọ́ wa

Oṣù mẹ́fà rèé tí mo ti ń lo ráútà yìí nílé wa nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Ó dára, àmọ́ bí wọ́n ṣe tò ó wá kò bá àdúgbò wa mu: `Channel Width`, ìyẹn bí ọ̀nà tó ń lò ṣe fẹ̀ tó, wà lórí `40MHz`, `Transmit Power`, ìyẹn agbára tó fi ń sọ̀rọ̀, sì wà lórí `High`.

Ìyàwó mi ń ta aṣọ lórí Wọ́ọ̀sáàpù. Lálẹ́, ohùn àwọn oníbàárà á máa já lu ara wọn, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà ń sọ fún mi pé 300Mbps la wà. Mo ti ń bínú sí àwọn tó ń ta dátà fún wa kí n tó dán ráútà fúnra rẹ̀ wò:

```
ping 192.168.0.1
```

Lọ́sàn-án, ó ń dáhùn ní 3ms. Lálẹ́, ó ń fò dé 400ms, ìgbà mìíràn kò dáhùn rárá. Inú ilé wa gan-an ni ìdíwọ́ náà wà.

Ọ̀nà 2.4GHz kò ju bíi 80MHz lọ. Ṣánẹ́ẹ̀lì 1, 6 àti 11 nìkan ni a lè lò pọ̀ láìgun ara wọn, 20MHz lọ́kọ̀ọ̀kan. Ráútà tó bá wà lórí 40MHz ti gba ìdajì ọ̀nà, ó sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ tí aládùúgbò bá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ka ráútà mẹ́rìnlá láti pálọ̀ wa, nítorí ìsọ̀ ló kún ìsàlẹ̀. Etí tó sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ń gba ariwo ìlọ́po méjì.

Mo gbé e sí 20MHz, ṣánẹ́ẹ̀lì 11 tí èrò kò pọ̀ sí. Kọ̀ǹpútà wá ń kọ 144Mbps, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìdáhùn kò kọjá 20ms.

Ti agbára ló pẹ́ kó tó yé mi. Ráútà kejì wà nítòsí yàrá ẹ̀yìn, orúkọ kan náà ni méjèèjì ń jẹ́, síbẹ̀ fóònù ìyàwó mi kò fi ti pálọ̀ sílẹ̀ bí àmì rẹ̀ tilẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì dé -74dBm. Fídíò ń wọlé dáadáa, àwòrán aṣọ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ ló ń yí lójú kan. Ráútà ń fi gbohùngbohùn sọ̀rọ̀, fóònù ń fi ẹnu lásán dá a lóhùn. Bí a bá fi kún agbára ráútà, ohùn fóònù kò ní tìtorí ẹ̀ lé sí i. Tí gbígbà bá rọrùn tí fífiránṣẹ́ ń há, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Mo dín ti pálọ̀ sí `Medium`. Fóònù yí sí èyí tó sún mọ́ ọn, àmì lágbára dé -52dBm, àwòrán sì ń lọ wàrà. Mo dán `Low` náà wò, àmọ́ kò dé báńkóòní mọ́, mo bá dá a padà.

5GHz ni mo fi sílẹ̀ lórí 80MHz, torí ògiri wa kì í jẹ́ kí ti aládùúgbò wọlé lórí rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ìwé tó bá ráútà wá kò sọ ìkankan nínú èyí.