Kíláríturomáísìn tàbí Ásíturomáísìn?

Ká ní ìyá àgbà kan ń lo simifasitátìn nítorí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àrùn ẹ̀dọ̀fóró wá dé, ó sì kù ká yan ọ̀kan nínú oògùn apakòkòrò méjì yìí. Kíláríturomáísìn kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ fọ́ simifasitátìn bó ṣe yẹ. Oògùn náà á kó jọ sára, iṣan á máa ro ìyá, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú bíi kóòkì, kíndìnrín sì lè bàjẹ́. A kì í lo kíláríturomáísìn àti simifasitátìn pọ̀.

Ásíturomáísìn kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́. Òun ni mo fara mọ́ níbí. Ṣùgbọ́n oògùn apakòkòrò méjèèjì lè mú kí ọkàn lù ségesège, pàápàá bí ìyá bá tún ń lo kuiníìnì fún ibà, tàbí tí oògùn tó ń mú ni tọ̀ ti fa pọtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Bó bá dédé dákú, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.