Ráútà kejì tí mo fi wáyà so mọ́ ti ìsàlẹ̀: ohun tí mo rí nílé wa

Ilé wa lọ́nà Ọ́ńdà Jíì ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ilé kékeré. Bàbá wa ló kọ́ ọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan, yàrá mẹ́rin nísàlẹ̀, mẹ́rin lókè. Dẹ́kìn tó wà láàárín wọn nípọn, irin sì kún inú rẹ̀ bí eegun inú ẹja ṣàwá. Páálọ̀ ìsàlẹ̀ ni ráútà tí a fi ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì wà. Àwa tí à ń gbé ìsàlẹ̀ kò ní ẹjọ́ kankan, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá tó háyà yàrá ẹ̀yìn lókè kò rí nǹkan gidi lò. Fóònù wọn á fi hàn pé Wáífáì wà, ìlà kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá ní kí fídíò ṣí, a ó kàn máa wo òbìrí tó ń yí ni.

Rípítà la kọ́kọ́ rà, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò iná lára ògiri. Mi ò ní bú u, nítorí ó ṣe díẹ̀. Páálọ̀ ni mo ti máa ń rí bíi mẹ́gábíìtì 18 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Yàrá ẹ̀yìn lókè kì í ju 2 lọ tẹ́lẹ̀, rípítà sì gbé e dé nǹkan bíi 7. Ohun tó dè é mọ́lẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ló ti ń gbọ́ ohùn ráútà ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ kan náà ló tún fi ń sọ ọ́ fún fóònù. Bó bá ń gbọ́, kò lè sọ. Bó bá ń sọ, kò lè gbọ́. Nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ibi tí a sì gbé e sí, lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ohùn tó ń gbọ́ gan-an ti rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo ra ráútà kejì, àlòkù tí kò wọ́n, mo gbé e sókè, mo sì fi wáyà so ó mọ́ ti ìsàlẹ̀. Wáyà ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá dẹ́kìn. Ráútà òkè kò ní láti gbọ́ nǹkan kan láti afẹ́fẹ́, àwọn tó wà lókè nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Yàrá ẹ̀yìn ń rí 16 tàbí 17 báyìí, ìyẹn ni pé ohun tó wà ní páálọ̀ ló dé ọ̀dọ̀ wọn.

Wáyà yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ jù. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ CAT5E sí lára. Ó lè gùn tó mítà 100 láìsí ìṣòro, tiwa kò sì ju bíi 25 lọ, láti páálọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn gòkè. Ṣùgbọ́n orúkọ ara wáyà kò tó. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ni alumíníọ̀mù tí wọ́n kàn fi bàbà bò lórí. Kí n tó sanwó, mo ní kí ọlọ́jà gé ṣóńṣó kan fún mi, mo fi bíléèdì ha okùn tínrín kan nínú mẹ́jọ tó wà níbẹ̀. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ha, funfun ló hàn lábẹ́ àwọ̀ pupa yẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Bàbà gidi, pupa ni dénú. Alumíníọ̀mù yìí máa ń ṣẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀rọ̀ ògiri, tàbí kó má fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa nínú orí tí wọ́n ń fún mọ́ ọn. Irú àléébù yẹn kì í pa íńtánẹ́ẹ̀tì pátápátá, á kàn máa já, á máa padà, ẹ ó sì máa bínú sí ráútà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọmọkùnrin tó bá wa fa wáyà mọ iṣẹ́ iná dáadáa, ráútà ni kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ó ki orí wáyà bọ ihò tí wọ́n kọ WAN sí lára ráútà òkè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń ṣiṣẹ́ o.” Òótọ́ ni. Íńtánẹ́ẹ̀tì dé òkè, gbogbo ilé ń dunnú. Ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde lára pírińtà wa tó wà nísàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. “Màmá, mi ò rí pírińtà yẹn lórí kọ̀ǹpútà mi mọ́,” ló ń sọ fún ìyàwó mi.

Ihò WAN ni ráútà fi ń wo ìta. Ohun tó bá gba ibẹ̀ wọlé, àlejò ló kà á sí, á wá dá agbo tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ihò náà. Nítorí náà, àdírẹ́sì àwọn fóònù ìsàlẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.0, tòkè ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1. Agbo méjì ni wọ́n di nínú ilé kan ṣoṣo. Tí kọ̀ǹpútà òkè bá pariwo pé “pírińtà dà?”, ariwo yẹn kì í kọjá ihò WAN, kò sì dé etí pírińtà. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń wo fídíò nìkan, ẹ lè má mọ̀ láéláé pé nǹkan kan ṣe. Àmọ́ ẹni tó ní pírińtà, tàbí tó fẹ́ fi fóònù gbé àwòrán sórí tẹlifíṣọ̀n ìsàlẹ̀, á mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan.

Mo ní kó yọ wáyà kúrò níbẹ̀, kó kì í bọ ọ̀kan nínú àwọn ihò LAN tí ráútà fi ń bá àwọn ará inú agbo rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí WAN ṣófo. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì wá burú sí i. Fóònù kan á wọlé, gbogbo rẹ̀ á dán mọ́rán. Èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á kọ “Connected without internet”. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ó lè dára, ó sì lè má dára. Ibi tí mo ti mú un ni ojú ìwé Wáífáì lórí fóònù tó ń ṣe wàhálà. Mo wo ìlà tí wọ́n kọ Gateway sí, 192.168.1.1 ni mo bá níbẹ̀. Ráútà òkè ni fóònù náà ń wò pé yóò mú òun jáde, bẹ́ẹ̀ ráútà òkè kò ní ọ̀nà àbájáde kankan mọ́, nígbà tí WAN rẹ̀ ti ṣófo. Fóònù tó ń ṣiṣẹ́, 192.168.0.1 ló wà níbẹ̀, ìyẹn ráútà ìsàlẹ̀. Ráútà méjèèjì ló ń pín àdírẹ́sì. Èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn, tirẹ̀ ni fóònù á gbà.

Bí a ṣe tún un ṣe nìyí, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí látìbẹ̀rẹ̀. A yọ wáyà ìsàlẹ̀ kúrò lára ráútà òkè ná. A fi wáyà kúkúrú so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, a tẹ 192.168.1.1 sí buráúsà láti ṣí ojú ìwé rẹ̀, a lọ sí LAN, a yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà sí 192.168.0.2. Ráútà ìsàlẹ̀ wa ń pín àdírẹ́sì láti 100 dé 199, nítorí náà 2 kò lè ko ti ẹnikẹ́ni lójú. Bí ẹ bá ti fi pamọ́, ojú ìwé náà á lọ. Ẹ má jáyà: ibi tí ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni kò sí mọ́. Ẹ yọ wáyà kúkúrú yẹn, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, kí kọ̀ǹpútà lè gba àdírẹ́sì tuntun, kí ẹ wá tẹ 192.168.0.2. Lẹ́yìn ìyẹn la lọ sí DHCP Server, ìyẹn ohun tí ráútà fi ń pín àdírẹ́sì, a yàn Disable, a sì fi pamọ́. Ìgbà yẹn la tó dá wáyà ìsàlẹ̀ padà sínú LAN. Ìdí tí mo fi ní kí DHCP kẹ́yìn ni pé bí ẹ bá kọ́kọ́ pa á, kọ̀ǹpútà yín lè má rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ ráútà náà mọ́, ẹ ò sì ní lè wọlé láti parí iṣẹ́ tó kù. Àwọn ráútà kan wà tí wọ́n ní ibi tí ẹ ti lè yan Access Point, tí wọ́n á ṣe gbogbo èyí fún yín. Tiwa ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Pírińtà padà yọ. Fóònù tó ń kọ “Connected without internet” kò kọ ọ́ mọ́.

Orúkọ Wáífáì kan náà àti pásíwọ́ọ̀dù kan náà ni mo fún àwọn méjèèjì, kí fóònù lè máa lọ láti ọ̀kan sí èkejì fúnra rẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ Channel sí, mo gbé ti ìsàlẹ̀ sí ojú ọ̀nà 1, mo gbé ti òkè sí 11, kí wọ́n má bàa máa sọ̀rọ̀ léra wọn lórí. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé fóònù á máa yí padà wẹ́rẹ́. Fóònù fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ìgbà tó fẹ́ lọ, àwọn kan nínú wọn sì lágídí. Fóònù ìyàwó mi máa ń di ráútà ìsàlẹ̀ mú títí yóò fi dé iwájú yàrá ẹ̀yìn, pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo. Mo dín agbára ti ìsàlẹ̀ kù níbi tí wọ́n kọ Transmit Power sí, mo gbé e láti High sí Middle. Ó dára sí i, kò tán pátápátá. Ẹni tó bá ń fi fóònù ọ̀hún sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń gun àtẹ̀gùn lọ, ọ̀rọ̀ á já mọ́ ọn lẹ́nu díẹ̀.

Iná ni àléébù tí mo ní sí i jù. Rípítà kò ṣe nǹkan kan bí iná bá lọ, èyí náà kò ní ṣe nǹkan kan àyàfi tí ráútà méjèèjì bá wà lórí íńfátà. Íńfátà wa kò gbé òkè tẹ́lẹ̀, a ní láti fa ihò iná kan gòkè fún un. Ráútà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná, nítorí náà ìyẹn kò dí wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ owó wáyà àti owó iṣẹ́.

Àwọn tó wà ní ilé kékeré lẹ́yìn ọgbà ti ń bi mí pé ìgbà wo ni tiwọn máa dé. Mi ò tíì fa tiwọn, mi ò sì ní fi irú wáyà bàbà yìí fà á. Àárín ilé méjèèjì gbalasa ni, ojú ọ̀run ni wáyà máa gbà kọjá, ẹ sì mọ bí àrá ṣe máa ń sán níbí láti oṣù kẹta lọ. Mànàmáná kò ní láti kọlu wáyà náà fúnra rẹ̀. Bó bá bọ́ sítòsí, agbára tó máa gba inú wáyà tó láti jó ihò ráútà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Fáíbà tí kì í gbé iná ni wọ́n ń lò fún irú ibẹ̀, ó sì gba àpótí kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan tí yóò yí ìmọ́lẹ̀ padà sí ohun tí ráútà ń gbọ́. Mo ti béèrè iye rẹ̀. Mo ní kí wọ́n mú sùúrù ná.