Fóònù eMMC àbí ti UFS, èwo ni ká rà?

eMMC àti UFS ni oríṣi ibi ìpamọ́ méjì tó máa ń wà nínú fóònù. Tó bá jẹ́ ìpè, WhatsApp àti fídíò nìkan lẹ fẹ́ máa fi fóònù ṣe, eMMC ò ní yọ yín lẹ́nu púpọ̀, owó ẹ̀ sì kéré.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni ìgbà tí Play Store bá ń ṣe àpúdéètì áàpù lọ́wọ́. eMMC ò lè ka dátà kó tún máa kọ dátà lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹ̀ lẹ ṣe máa tẹ kíbọ́ọ̀dù tí lẹ́tà ò ní tètè jáde, ẹ ṣí kámẹ́rà ojú ẹ̀ á kọ́kọ́ dúdú, ẹ wá rò pé RAM ló kéré. UFS ń kà ó ń kọ pa pọ̀, ẹ lè má mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ rárá. eMMC 5.1 ò lè kọjá 400 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, UFS 2.2 lè sún mọ́ 1,000.

Tí ibi ìpamọ́ bá ti fẹ́ kún, méjèèjì ló ń falẹ̀, ti eMMC ló máa ń hàn jù.

Ẹni tó ń gbá géèmù ńlá tàbí tó fẹ́ lo fóònù pẹ́, kó fowó kún un ra UFS. Ẹni tó ń wá fóònù kejì fún ìpè, eMMC ti tó o, UFS ò kúkú ní mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yá.