Ọ̀rọ̀ Lára Lébẹ́ẹ̀lì tí Ẹ̀rọ Yà: Ọ̀nà Wo Ni Kí A Sanwó Fún?

Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀rọ ayàwòrán, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán láti inú ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ fún un, ṣe lébẹ́ẹ̀lì fún ọ̀rá gàrí tó ń tà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè lo irú ti àtijọ́ bíi Stable Diffusion 1.5 ti ọdún 2022, tí a lè gbé sórí kọ̀ǹpútà ẹni láìsan owó oṣooṣù. Ó lè sanwó fún àwọn tí wọ́n dìídì kọ́ ní ọ̀rọ̀ kíkọ, irú Ideogram tó jáde ní ọdún 2023, tàbí ayàwòrán inú ChatGPT tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀rọ ya àwòrán nìkan, kí òun fúnra rẹ̀ wá fi ètò ìṣàwòrán bíi Inkscape tàbí Canva kọ ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi dán wọn wò: GÀRÍ ÌJẸ̀BÚ.

Kí a tó fi wọ́n wéra, ó yẹ kí a mọ ibi tí àṣìṣe ti ń wá. Ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sábà rí lẹ́tà bí àwa ti ń rí i. Ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ fún wọn ni a ń gé sí wẹ́wẹ́, tí ègé kọ̀ọ̀kan sì ń di nọ́ńbà. Ọ̀rọ̀ bíi OPEN, tó wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù káàkiri ayé, ti di ojúlùmọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú tó gbé àmì rẹ̀ dání kò wọ́pọ̀ nínú àwòrán tí a fi kọ́ wọn.

Ìdí kejì wà nínú bí Stable Diffusion ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú àwòrán kékeré ló ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí píksẹ́lì 8 ní ìbú àti 8 ní òró ti di ojú kan ṣoṣo, tó fi jẹ́ pé àwòrán tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 512 kò ju ojú 64 lọ. Lẹ́tà tó ga ní píksẹ́lì 80 rí ojú 10 fi dúró, ó sì lè yọrí. Ìlà tó sọ ìwọ̀n gàrí, tí kò ga ju píksẹ́lì 12 lọ, kò ní ju ojú kan ààbọ̀. Àmì tó wà lábẹ́ ẹ kéré ju ojú kan lọ, nítorí náà òun ló máa ń kọ́kọ́ pòórá.

Èyí ló jẹ́ kí n sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi irú ti àtijọ́ yìí kọ ọ̀rọ̀ sára lébẹ́ẹ̀lì. Gàrí tó yà dára, ọ̀rọ̀ tó kọ kò ṣeé kà.

Irú kejì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ọ̀kan tí mo dán wò kọ GARI IJEBU láìsí àbùkù ní ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí mo ní kó fi àmì sí i, ó gbé GÀRÍ ÌJẸBÙ wá: àmì orí Ẹ ti sọnù, ti orí U sì ti yí padà. Mo ní kó tún un ṣe, ó tún ọ̀kan ṣe, ó ba òmíràn jẹ́, bẹ́ẹ̀ àtúnyà kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú iye àwòrán tí owó oṣù rà fúnni. Fún pósítà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, tí kò sì ní àmì, màá sanwó fún un. Kí a tó san án, kí a lo ànfààní ọ̀fẹ́ láti fi orúkọ ọjà tiwa gan-an dán an wò ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí a ka iye ìgbà tó pé.

Fún lébẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà kẹta ni mo fara mọ́. Kí a sọ fún ẹ̀rọ pé kó fi lébẹ́ẹ̀lì náà sílẹ̀ ní òfìfo, kí a wá kọ ọ̀rọ̀ sí i pẹ̀lú fọ́ǹtì tó gba àmì wa, bíi Noto Sans. Nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí ọjà yóò bàjẹ́ kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ ayàwòrán wá rárá, torí pé nọ́ńbà tó ṣì kì í hàn sí ojú bí lẹ́tà tó wọ́. Báàkóòdù tó bá yà pẹ̀lú, àwòrán lásán ni. Kí a má retí pé ẹ̀rọ ìsanwó yóò kà á. Ọ̀rọ̀ tún kan ìtẹ̀wé: bí a bá tẹ àwòrán tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 1024 ní píksẹ́lì 300 sí ìnṣì kan, kò ní fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8.7 lọ, bí a bá sì fà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí lẹ́tà inú rẹ̀ á ṣú. Ọ̀rọ̀ tí a fi Inkscape kọ kì í ṣú, bó ti wù kí a fà á tó, bí a bá fi í ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní PDF dípò PNG. Inkscape fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ wa, kí a fẹ̀ ẹ́ sí 200% lójú kọ̀ǹpútà, kí a sì ka lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn wá síwájú, Ú, B, Ẹ̀, J, Ì, kí ojú má baà ka ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dípò ohun tó wà níbẹ̀.