Àgbéyẹ̀wò chrony lẹ́yìn oṣù 8: aago sáfà wa, tíkẹ́ẹ̀tì Kerberos, àti ìlà méjì tí mo ní láti yí padà

Chrony ni mo fi ń tọ́jú aago àwọn sáfà Linux ní ọ́fíìsì wa n'Íbàdàn, Kerberos, ètò tó ń yẹ ẹni tó fẹ́ wọ sáfà wò, ló sì mú kí n gbé e síbẹ̀. Nínú Kerberos, páásíwọ́ọ̀dù kì í rìn lórí wáyà, tíkẹ́ẹ̀tì ló ń rìn. Bí kọ̀ǹpútà rẹ bá fẹ́ wọ sáfà kan, yóò kọ aago tirẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, yóò tì í pa, yóò sì fi í tẹ̀ lé tíkẹ́ẹ̀tì náà. Sáfà á ṣí i, á fi wé aago tirẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá ti ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ó di ẹ̀yìn odi nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná lọ, bátìrì sì fẹ́ tán. A ti ṣètò rẹ̀ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ ńlá tó gbé àwọn sáfà wa sínú bí ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ fi wọ́n sùn bí wọ́n ṣe wà, kó tó pa ara rẹ̀. Iná dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 11, gbogbo wọn jí. Kò pẹ́ tí àbúrò kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó fi pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ní tíkẹ́ẹ̀tì o, ṣùgbọ́n sáfà fáìlì kò gbà mí wọlé."

Òótọ́ ló sọ. `kinit` tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ láìjanpata, `klist` sì fi tíkẹ́ẹ̀tì tuntun hàn. Ibẹ̀ ló ti ń tan ènìyàn jẹ, torí pé ìdí láàpútọ́ọ̀pù la kọ́kọ́ máa ń lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Kerberos ti MIT máa ń fojú fo àṣìṣe aago láàpútọ́ọ̀pù: ó ń rí aago KDC, ìyẹn sáfà tó ń pín tíkẹ́ẹ̀tì, nínú èsì tó gbà, á sì tọ́jú ìyàtọ̀ náà pa mọ́ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì. Sáfà fáìlì kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Aago tó wà lára rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni mo ti rí `Clock skew too great`. Bí aago sáfà bá wà lẹ́yìn, ó tún lè jẹ́ `Ticket not yet valid` lẹ ó rí, torí lójú rẹ̀, ọ̀la ni wọ́n kọ tíkẹ́ẹ̀tì náà.

Mo ní kí chrony sọ tẹnu rẹ̀:

```
$ chronyc tracking
System time : 648.317204118 seconds slow of NTP time
```

Chrony mọ̀, ó sì ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Ìlà `makestep 1.0 3` tó bá fáìlì ìṣètò wá ń gbà á láyè láti fo aago lójijì, bí ìyàtọ̀ bá ju ìṣẹ́jú àáyá 1, nínú ìgbà 3 àkọ́kọ́ tó bá wo aago lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sáfà tó sùn tó sì jí kò tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àǹfààní yẹn ti kọjá. Ó wá ku kó máa sáré díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Eré tó lè sá jù kò kọjá ìṣẹ́jú àáyá 1 nínú 12. Kí ìṣẹ́jú 11 tó di 5, ìṣẹ́jú 6 ló gbọ́dọ̀ lé bá, 6 lọ́nà 12 sì jẹ́ ìṣẹ́jú 72. Èyí ló jẹ́ kí àìsàn yìí máa wo ara rẹ̀ sàn lọ́sàn-án, tí a kò fi mọ ohun tó fà á fún oṣù mélòó kan. Ó dùn mí gan-an, torí àwọn ènìyàn ti pàdánù odindi àárọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

`chronyc makestep` ló tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yí ìlà 2 padà:

```
server kdc1.ofiisi.lan iburst maxpoll 6
makestep 1 -1
```

`-1` gbà á láyè láti fo aago nígbàkigbà tí ìyàtọ̀ bá ju ìṣẹ́jú àáyá 1. `maxpoll 6` ní kó máa bi KDC léèrè, ó pẹ́ tán, ní ìṣẹ́jú àáyá 64. Bí a kò bá fi í sí i, ó lè tó ìṣẹ́jú 17 kó tó tún bèèrè. Látìgbà náà, sáfà tó bá jí ń bá aago mu kí ènìyàn tó jókòó. Mi ò fi `-1` sórí sáfà tó gbé dátábéèsì wa o, torí aago tó bá fò sẹ́yìn lè da àkókò tó ń kọ sílẹ̀ rú. Ìyẹn, a máa ń pa á dáadáa ni, a kì í fi í sùn.

Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n sọ `clockskew` di 1800 nínú `krb5.conf`, ìyẹn kí àyè ìṣẹ́jú 5 di 30. Mi ò gbà. Ìṣẹ́jú 5 yẹn ló dín àkókò tí olè fi lè tún ìwé tó jí gbà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò kù.

Chrony dára, ó fúyẹ́, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ṣeé kà. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún, pàápàá níbi tí `-1` kò sí, ni ẹni tó bá fọwọ́ yí aago nítorí pé wákàtí ojú ẹ̀rọ kò bá ti Nàìjíríà mu, tó sì jẹ́ pé UTC ni wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí. Wákàtí 1 gbáko ló fi ba aago jẹ́ yẹn. Ẹ tẹ `date -u` lórí sáfà náà àti lórí KDC, ẹ fi wọ́n wéra, torí ìyẹn nìkan ni Kerberos ń wò.